Dekóda kan, tẹlifíṣọ̀n méjì: wáyà, XtraView tàbí áàpù, èwo ló yẹ ilé yín?

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ dáhùn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀: ṣé ohun kan náà ni tẹlifíṣọ̀n méjèèjì á máa gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ẹni tó wà ní pálọ̀ á máa wo bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹni tó wà ní yàrá ń wo Africa Magic Yorùbá? Àwọn tó ń ta wáyà kì í sábà béèrè. Ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n á tà fún yín. Ẹ ó wá délé tán kí ẹ tó mọ̀ pé ìkànnì tí bàbá bá yí sí ní pálọ̀ ni màmá náà máa wò ní yàrá, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o.

Ohun tó fà á ni pé àwòrán kan ṣoṣo ni dekóda ń tú jáde. Ihò rẹ̀ lè pọ̀ lẹ́yìn, àmọ́ àwòrán kan yẹn náà ni gbogbo wọn ń gbé. Kódà Explora, tó lè máa gba eré mìíràn sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń wo ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà kan rí, DStv ní dekóda tí wọ́n ń pè ní Dual View, tó lè fi ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n méjì. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín lónìí pé dekóda kan ṣoṣo lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó fi hàn yín lójú ara yín kí ẹ tó sanwó.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ẹ fa wáyà láti dekóda kan, kí ẹ fi ètò DStv tó ń jẹ́ XtraView so dekóda kejì mọ́ àkọ́kọ́, tàbí kí ẹ lo áàpù. Bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra wọn nìyí:

| | Wáyà láti dekóda kan | Dekóda kejì pẹ̀lú XtraView | Áàpù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì |
|---|---|---|---|
| Ohun tí yàrá kejì ń wò | Ohun tí pálọ̀ ń wò | Ohun tó wù ú | Ohun tó wù ú |
| Owó ìbẹ̀rẹ̀ | Wáyà, àti sípílítà bí ẹ bá lo HDMI | Dekóda, LNB iwájú díṣì, wáyà, ẹni tó máa tò ó | Kò sí, bí tẹlifíṣọ̀n bá lè gba áàpù |
| Owó oṣooṣù | Kò sí àfikún | Owó XtraView | Détà |
| Ibi tí wàhálà rẹ̀ wà jù | Rìmóòtù | Iná pálọ̀ | Wáífáì |

Wáyà: fún ilé tó ń wo nǹkan kan náà

Bí ẹ bá máa ń pa tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí ẹ tó lọ wo ìròyìn lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀nà yìí ti tó yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín ra dekóda kejì.

Ọ̀nà tó rọrùn jù nínú rẹ̀ ni kí pálọ̀ máa lo HDMI, kí yàrá máa lo AV, ìyẹn wáyà olórí mẹ́ta tí yẹ́lò rẹ̀ ń gbé àwòrán, tí funfun àti pupa ń gbé ohùn. Ọ̀pọ̀ dekóda máa ń tú méjèèjì jáde pọ̀, kò sì sí sípílítà kankan tí ẹ máa rà. Àwòrán AV kò mọ́ tó ti HDMI, ṣùgbọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn, kò sí ẹni tó máa fi ṣe ìjà. Wáyà AV tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá dekóda wá kò ṣe é fà gùn. Bí ó bá ti ju bíi mítà mẹ́wàá lọ, ẹ lo wáyà tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń fa áńtẹ́nà, kí wọ́n so orí AV mọ́ ọn.

Bí dekóda yín bá ní ihò tí wọ́n kọ RF OUT tàbí TV OUT sí, wáyà áńtẹ́nà kan ṣoṣo lè gbé àwòrán àti ohùn pọ̀ lọ sí yàrá, ó sì lè jìn dáadáa. Lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá, ẹ wá ìkànnì náà lábẹ́ ATV, ẹ má wá a lábẹ́ DTV. Ibì kan wà tí èyí ti máa ń dá àwọn ènìyàn lágara: àwòrán á jáde kedere, àmọ́ ohùn kò ní sí, tàbí kó máa hó ṣáá. Dekóda kò bàjẹ́, wáyà náà kò bàjẹ́. Ètò ohùn tí tẹlifíṣọ̀n ń retí ni kò bá ti dekóda mu. Ẹ wọ mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n níbi tí ó ti kọ Sound System, kí ẹ yí i láti BG sí I, tàbí láti I sí BG, ohùn á dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ má ṣi ihò yẹn mú fún èyí tí wọ́n kọ ANT OUT tàbí LOOP sí lára dekóda tó ń lo áńtẹ́nà, bíi ti GOtv. Ohun tó ti áńtẹ́nà wọlé ni ihò yẹn ń gbé kọjá bó ṣe wà, dekóda kò tíì tú u. Tẹlifíṣọ̀n yàrá lè wá ìkànnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí èyí tí ẹ sanwó fún.

HDMI ló máa ń fún yín ní àwòrán tó dára jù, òun náà ló sì ní wàhálà jù. Sípílítà ni ẹ ń wá: ọ̀kan wọlé, méjì jáde. Ní Alábà tàbí ní Computer Village, ẹ máa rí ẹ̀rọ míì tó jọ ọ́ bí ìbejì, tó ń jẹ́ switch: méjì wọlé, ọ̀kan jáde. Ìyẹn wà fún ẹni tó ní dekóda méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ihò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù: INPUT gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, OUTPUT gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ẹ tún rí i pé ó ní ihò tí iná fi ń wọ̀ ọ́, nítorí èyí tí kò gba iná kì í lágbára tó láti ti àwòrán dé yàrá kejì.

Bí tẹlifíṣọ̀n kan bá tóbi tí èkejì sì ti gbó, sípílítà sábà máa ń mú àwòrán wá sí ìwọ̀n èyí tó kéré jù kí méjèèjì lè gbà á. Bí ojú ọ̀kan bá dúdú tàbí tó ń ṣẹ́jú, ẹ wọ mẹ́nù dekóda, kí ẹ dín àwòrán kù sí 720p, kí ẹ sì tún un gbìyànjú. Bí ó bá ṣì dúdú, ẹ yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n tó ti gbó kúrò. Bí èkejì bá tàn nígbà náà, a jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n tó ti gbó yẹn ni kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀ fún dekóda, nítorí ààbò tó wà lórí HDMI, kí ẹ sì lo AV fún un.

Wáyà HDMI lásán ṣe é gbára lé tó bíi mítà mẹ́wàá. Bí ọ̀nà bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ olórí méjì kan wà tó ń lo wáyà kọ̀ǹpútà, ìyẹn Cat6, dípò HDMI. Orí kan, TX, máa wà lẹ́yìn dekóda; orí kejì, RX, máa wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n yàrá. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí ni pé púpọ̀ nínú wọn ní ojú kékeré tó ń gbé rìmóòtù kọjá. Ẹ sì rántí pé rìmóòtù ni gbogbo ìṣòro ọ̀nà wáyà. Ẹni tó wà ní yàrá ń wo àwòrán, àmọ́ bó bá fẹ́ yí ìkànnì, àfi kó dìde lọ sí pálọ̀. Wáyà ojú méjì ló ń bá ẹ̀rọ náà wá, wọ́n sì jọra. Èyí tó ń gba iná rìmóòtù ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ abẹ́ tẹlifíṣọ̀n yàrá. Èyí tó ń tan iná jáde ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ iwájú dekóda gan-an, níbi tí dekóda ti ń gba rìmóòtù. Bí ẹ bá so wọ́n lódìkejì, ẹ tẹ̀ títí, dekóda kò ní gbọ́. Bí dekóda kò bá gbọ́, ẹ gbé kámẹ́rà fóònù síwájú èyí tó wà níwájú dekóda, kí ẹnì kan máa tẹ rìmóòtù ní yàrá. Bí ẹ bá rí iná tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù, ibi tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni kò tọ̀nà. Bí kò bá sí iná rárá, ẹ pààrọ̀ ihò wọn.

XtraView: dekóda méjì, owó oṣù kan àti díẹ̀

Bí wọ́n bá ń wo ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́, wáyà kò lè yanjú rẹ̀. XtraView ni ètò DStv tó ń jẹ́ kí dekóda kejì nínú ilé kan náà máa jẹ lára owó oṣù dekóda àkọ́kọ́. Dekóda àkọ́kọ́ ni wọ́n ń san Compact tàbí Premium fún. Owó XtraView nìkan ni wọ́n ń fi kún un fún èkejì. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Compact di ₦19,000, Premium sì di ₦44,500. Owó XtraView kéré gan-an sí pé kí èèyàn san Compact lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì ni gbogbo èrè rẹ̀. Lórí GOtv, nọ́ńbà IUC dekóda kọ̀ọ̀kan ló ń sanwó fún ara rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń ṣírò.

Níbi díṣì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Dekóda kejì gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti orí LNB, ìyẹn ojú tó wà ní iwájú díṣì. LNB oníhò kan kò tó; ẹ nílò èyí tó ní ihò méjì ó kéré tán. Àwọn tó ń to díṣì kan máa ń fẹ́ sá fún gígun òrùlé, wọ́n á fi sípílítà pín wáyà kan ṣoṣo sí méjì nínú ilé. Ó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Dekóda ló ń pàṣẹ fún LNB: ó ń fi iná 13 vóòtì tàbí 18 vóòtì ránṣẹ́ sókè láti sọ apá ìkànnì tó fẹ́. LNB oníhò kan sì lè gbọ́ àṣẹ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Bí pálọ̀ bá wà lórí ìkànnì tó ń fẹ́ 18 vóòtì, tí màmá ní yàrá fẹ́ èyí tó ń fẹ́ 13, ọ̀kan nínú wọn máa sọnù. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ ọ́n ni pé ìkànnì kan á sọnù ní yàrá nígbà tí pálọ̀ ń wo nǹkan kan, á sì padà wá nígbà tí pálọ̀ bá yí kúrò. E48-32 ló máa wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí yín, ẹ má yí díṣì, ẹ má pààrọ̀ dekóda. Wáyà ni wọ́n pín. Irú LNB kan wà, tó ń jẹ́ Smart LNB, tí wọ́n ṣe kí dekóda púpọ̀ lè pín wáyà kan, àmọ́ ìyẹn ní sípílítà tirẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tò ó sínú mẹ́nù dekóda kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sípílítà tẹlifíṣọ̀n ṣe.

Bí ó bá jẹ́ E16 ni dekóda kejì kọ, ọ̀rọ̀ owó tàbí àṣẹ ni, kò kan díṣì. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti so nọ́ńbà káàdì dekóda méjèèjì pọ̀ lórí àkáǹtì kan.

Lẹ́yìn LNB, wáyà kan tún wà láàárín dekóda méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní Heartbeat. Ihò RF OUT ti àkọ́kọ́ ló ti ń jáde lọ sí RF IN ti èkejì. Òun ni èkejì fi ń mọ̀ pé àkọ́kọ́ wà láàyè àti pé inú ilé kan náà ni wọ́n wà. Nítorí náà, bí ẹ bá yọ dekóda pálọ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ní pẹ́ tí ti yàrá náà á fi kọ̀wé pé òun kò rí ọ̀gá òun, á sì dákẹ́. Kí pálọ̀ kàn wà ní ìsinmi, tí iná pupa rẹ̀ ń tàn, ti tó. Ẹ ṣáà má gé iná rẹ̀.

Ní ilé tiwa níbí tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi ojú sí ibi yìí dáadáa. Bí ínfátà yín bá ń gbé yàrá nìkan, tí dekóda àkọ́kọ́ sì wà ní pálọ̀, bí wọ́n bá mú iná lọ, tẹlifíṣọ̀n yàrá á wà láàyè, àmọ́ dekóda rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ pẹ́. Ibi tí ínfátà dé ni kí dekóda àkọ́kọ́ wà, tàbí kí ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì ínfátà kan dé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀. Dekóda kì í jẹ iná púpọ̀.

Áàpù: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí

Ẹni tó ń san owó DStv lè fi àkáǹtì kan náà wọ áàpù DStv Stream lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n dín in kù sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ènìyàn gbọ́ ìyẹn, wọ́n sì rò pé áàpù kò wúlò mọ́ fún ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n méjì. Àmọ́ dekóda pálọ̀ kò sí nínú kíkà yẹn, díṣì ló ń lò. Pálọ̀ lórí díṣì, yàrá lórí áàpù: ìkànnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó oṣù kan, láìsí XtraView, láìgun òrùlé. Ohun tó kù ni pé bí ọmọ bá ti ń wo áàpù lórí fóònù, yàrá lè má rọ́nà wọlé.

Ẹ tún mọ̀ pé ohun tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá máa ń pẹ́ ju ti díṣì lọ. Bí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù wọlé, pálọ̀ á ti hó kí yàrá tó rí i. Fún eré Yorùbá, kò já mọ́ nǹkan. Fún ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ó ń bani nínú jẹ́, nítorí náà ẹ fún un ní díṣì.

Netflix ní tirẹ̀ ń ka iye ojú tó ń wò lẹ́ẹ̀kan. Mobile wà fún fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì, kò ní ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n rárá. Basic jẹ́ ọ̀kan, Standard jẹ́ méjì, Premium jẹ́ mẹ́rin. Tẹlifíṣọ̀n méjì nínú ilé kan ń fẹ́ Standard. Prime Video gba mẹ́ta, ṣùgbọ́n eré kan náà kò lè máa lọ lórí ju méjì lọ.

Détà ni ẹ máa ṣírò. Netflix fúnra wọn sọ pé ìwọ̀n Medium ń jẹ tó 0.7GB ní wákàtí kan, High sì lè jẹ tó 3GB bí àwòrán bá jẹ́ HD. Tẹlifíṣọ̀n méjì, wákàtí méjì lálẹ́, lórí High: 3 lọ́nà 2 lọ́nà 2, ìyẹn 12GB lálẹ́ kan, 360GB lóṣù. Lórí Medium, 2.8GB lálẹ́, 84GB lóṣù. Ibi tí wọ́n ti ń yí i wà nínú àkáǹtì lórí bráúsà, lábẹ́ Playback settings. Ẹ ní láti yí i fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà lórí àkáǹtì náà.

Bí pálọ̀ bá ń lọ geere tí àmì róbótó ń yí lórí tẹlifíṣọ̀n yàrá, ẹ má tíì bínú sí ilé iṣẹ́ détà. Ẹ mú fóònù lọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n yàrá, kí ẹ ṣí fast.com. Ojú kan tó fẹ́ wo 1080p ń fẹ́ 5Mbps, méjì ń fẹ́ 10. Bí pálọ̀ bá fi 15 hàn tí yàrá sì fi 2 hàn, ògiri búlọ́ọ̀kù ló ń jẹ ẹ́. Wáífáì 5GHz yára, ṣùgbọ́n kì í la ògiri kọjá dáadáa. Ẹ jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n yàrá wà lórí 2.4GHz, tàbí kí ẹ gbé ráútà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ilé kan, kí a ṣírò rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ń san Compact, dekóda wà ní pálọ̀, yàrá ìyá àgbà jìn tó mítà mẹ́rìnlá. Ìyá àgbà ń wo eré Yorùbá láti aago méje sí mẹ́wàá lójoojúmọ́. Ní wákàtí yẹn kan náà ni wọ́n ń wo ìròyìn àti bọ́ọ̀lù ní pálọ̀. Ọ̀nà wáyà kò wúlò níbí, nítorí ìkànnì wọn kò dọ́gba.

Ó kù XtraView àti áàpù. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ jẹ́ 90 lóṣù. Bí a bá fi 0.7GB ṣe òṣùwọ̀n, 63GB ni. Ẹ gbé owó 63GB lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó XtraView. Bí ilé kò bá ní détà tí kò lópin, èmi á mú XtraView fún ìyá àgbà. Rìmóòtù tó ti mọ̀ ni yóò máa lò, bí détà bá sì tán, kò kàn án.

Ká ní ìyá àgbà ń gbé Òṣogbo, tó máa ń wá lọ́jọ́ Sunday nìkan, wákàtí méjì ní ìgbà mẹ́rin lóṣù jẹ́ 5.6GB. Nígbà náà, áàpù ni. Bí tẹlifíṣọ̀n yàrá kò bá gba áàpù, ẹ̀rọ Android kékeré tó ń wọ ihò HDMI ló máa gbà á, ó sì dínwó ju dekóda, LNB àti owó ẹni tó máa gun òrùlé lọ.

Bí ilé náà bá mú XtraView, kí ẹni tó tò ó tó lọ, kí wọ́n fi pálọ̀ sórí SuperSport, kí ẹnì kan jókòó ní yàrá pẹ̀lú rìmóòtù, kó sì yí gbogbo ìkànnì Compact láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, kí pálọ̀ bọ́ sórí ìkànnì mìíràn, kí wọ́n tún un ṣe. Bí ìkànnì kankan bá fi E48-32 hàn, owó iṣẹ́ kò tíì tó sísan.